Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tó ń tọrọ owó agbo sáfà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Mo ya àwòrán sí i, mo to orúkọ sọfitíwia síbẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Ọ̀gá tó ń mójú tó owó dá a padà, ó sì fi bírò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sókè rẹ̀: "Ṣé èyí tí a ní ti bàjẹ́ ni?" Kò tíì bàjẹ́. N kò sì rí èsì fọ̀.

Èyí tí wọ́n padà fọwọ́ sí kò ju ojú ewé kan àtààbọ̀ lọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé síhìn-ín, ní ẹsẹẹsẹ, fún olórí ẹnjiníà tí gbogbo détà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tó sì fẹ́ gbé e sórí agbo sáfà, ìyẹn sáfà bíi mélòó kan tó jọ ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀kan lè gba ipò èkejì bó bá kú. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ta ló dá owó, ta ló yá owó, ta ló ti san padà. Dátábéèsì PostgreSQL ni a ń lò, lórí sáfà kan tí a háyà l'Ékòó. Mo ti yí àwọn iye inú rẹ̀ padà kí n má bàa tú àṣírí ilé onílé, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe rìn gan-an nìyí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dá dátábéèsì padà kí ẹ tó mú bírò

Ẹ wá ẹ̀rọ kan tó ṣófo, ẹ gbé bákọ́ọ̀pù àná sórí rẹ̀, kí ẹ sì máa wo aago. Gbogbo wa la máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé bákọ́ọ̀pù wà. Ẹ bi wá pé wákàtí mélòó ni yóò gbà kó tó padà di dátábéèsì tí oníbàárà lè lò, ẹnu á wọhò.

Dátábéèsì tiwa tó gígábáìtì 340. Ní aago méjì òru ni `pg_dump` máa ń ṣe bákọ́ọ̀pù rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdánwò náà kò ju èyí lọ:

```bash
createdb idanwo
time pg_restore -j 4 -d idanwo /bakup/oru.dump
```

Ohun tí `-j 4` ń ṣe ni pé ó pín iṣẹ́ náà fún òṣìṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ṣe bákọ́ọ̀pù náà ní ọ̀rọ̀ SQL lásán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ `-Fc` tàbí `-Fd` ni ẹ fi ṣe é. Ẹ má sì fi bí fáìlì bákọ́ọ̀pù ṣe kéré tan ara yín. Fáìlì yẹn kò gbé àwọn atọ́ka dátábéèsì, ìyẹn index, dání. Àpèjúwe wọn nìkan ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ń dá a padà ni yóò tún wọn kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ibẹ̀ ni àkókò ń bá lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, détà wọlé tán láàárín wákàtí mẹ́ta, a sì tún jókòó ti atọ́ka títí wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 fi pé.

Ẹ fi àkókò tí ẹ ó fi rí ẹ̀rọ mìíràn kún un. A tẹ ilé-iṣẹ́ tó ń háyà sáfà fún wa láago, wọ́n ní wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ fi àyẹ̀wò kún un, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà láì kọ́kọ́ wò ó bóyá owó inú ìwé bá ara mu: ìṣẹ́jú 50. Gbogbo rẹ̀ di wákàtí 9.

Wákàtí tí a ó fi wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìkejì ni détà tí kò ní padà mọ́. Bí dísíìkì bá kú ní aago 11 òwúrọ̀, ohun gbogbo tó wọlé láti aago méjì òru ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ nǹkan méjèèjì sínú ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀, nítorí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, iye owó wọn kò sì jọra rárá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sọ wákàtí di náírà, láì bù mọ́ ọn

Laarin aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìsanwó 2,400 ló ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ní wákàtí kan, a sì ń gba ₦50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦120,000 ni wákàtí kan nìyẹn. Mo kọ́kọ́ fi wákàtí 9 sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bí sáfà bá kú ní aago 11, wákàtí 7 péré ló kù kí ọjà tú; wákàtí méjì yòókù, àwọn oníbàárà ti lọ sílé. ₦840,000 ni, kì í ṣe ₦1,080,000. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń mójú tó owó ti rí ẹni tó ń bù mọ́ owó rí ṣáájú yín, bó bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ níbì kan, kò ní ka ìyókù.

Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí i pé apá kan nínú àwọn tí kò lè sanwó lọ́jọ́ náà yóò padà wá san án lọ́la, nítorí náà ₦840,000 yẹn ni òkè téńté rẹ̀.

Détà tó sọnù ló nira jù láti fowó díwọ̀n, ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀nà. Láti aago 8 sí 11, ìsanwó 7,200 ló ti wọlé. Owó náà kò sọnù, ó wà ní báǹkì. Àkọsílẹ̀ wa ni kò sí mọ́. Ẹnì kan ní láti mú ìwé báǹkì, kó wá orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, kó tún un tẹ̀. Mo mú ogún nínú wọn, mo ní kí akọ̀wé kan tún wọn tẹ̀ lójú mi: ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìkọ̀ọ̀kan gbà. Ìsanwó 7,200 lọ́nà ìṣẹ́jú 4 jẹ́ wákàtí 480, èyí tíí ṣe iṣẹ́ ọjọ́ 10 fún ènìyàn mẹ́fà. Bí owó iṣẹ́ ènìyàn kan lóòjọ́ bá jẹ́ ₦15,000, ₦900,000 nìyẹn.

Àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,740,000 fún ọjọ́ burúkú kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ìṣirò náà kò bá gbè yín, ẹ gbà bẹ́ẹ̀

Agbo sáfà tí mo fẹ́ bèèrè yóò fi ₦550,000 kún ìnáwó wa lóṣooṣù, ìyẹn ₦6,600,000 lọ́dún. Ẹ wò ó: ọjọ́ burúkú kan lọ́dún kò san owó yẹn, méjì kò san án, mẹ́ta pàápàá kò san án. Sáfà wa kò sì tíì kú rí láti ọdún mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù ba ọ̀gá: "Bí orúkọ wa bá bàjẹ́ ńkọ́? Bí ìjọba bá gbọ́ ńkọ́?" Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ ti mọ èsì tó gbà.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún yìí tí sáfà kan ṣoṣo kò ní jẹ́ kí wọ́n lè ṣèlérí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tí a ti ń lépa fún oṣù mẹ́jọ, tí owó iṣẹ́ wọn yóò tó ₦1,200,000 lóṣù. Mo gba ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo kà á. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé bí iṣẹ́ bá dúró, ó gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí kan, àkọsílẹ̀ tí yóò sọnù kò sì gbọdọ̀ ju ti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wákàtí mẹ́sàn-án ni tiwa. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí ìwé yẹn bí nǹkan ṣe wà, irọ́ ló ń fọwọ́ sí, kò sì mọ̀.

Nígbà tí mo rí gbólóhùn yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti ní lẹ́tà. Ẹ̀bẹ̀ láti dáàbò bo ohun tí kò tíì bàjẹ́ ti di ọ̀nà sí owó tí àwọn ọ̀gá fúnra wọn ti ń wá. Bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ tiyín, ẹ fi sọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé agbo kọ́ lẹ nílò lọ́dún yìí. Ohun tí ẹ nílò kò ju èyí tí mo máa sọ ní ìparí lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣàlàyé agbo náà ní ìpínrọ̀ méjì, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn rèé. Kí PostgreSQL tó fọwọ́ kan détà, ó máa ń kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé kan tí à ń pè ní WAL. Olórí sáfà ló ń kọ ìwé yìí. Igbákejì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé náà bó ṣe ń jáde, ó ń ṣe ohun kan náà sórí dísíìkì tirẹ̀. Ohun tó wà lọ́dọ̀ igbákejì fi díẹ̀ lára ìṣẹ́jú àáyá péré gbẹ̀yìn tí olórí. Bí olórí bá kú, igbákejì á gba ipò.

Ìbéèrè tí wọn yóò bi yín lẹ́yìn èyí ni: "Bó bá jẹ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́, kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀rọ kẹta?" Ẹ ní ìdáhùn lọ́wọ́, nítorí òun ni wọ́n máa fẹ́ gé. Igbákejì kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín olórí tó kú àti wáyà tó já láàárín wọn. Bí wáyà bá já, tí igbákejì rò pé olórí ti kú, tó sì gbadé, a ó ní olórí méjì, àwọn méjèèjì ń gba owó oníbàárà, ìwé wọn kò sì bára mu mọ́. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ẹlẹ́rìí kan sí i: ẹ̀rọ kékeré tí kò ní détà oníbàárà kankan lórí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dìbò lọ. Nínú mẹ́ta, ẹni tó bá ní ìbò méjì ló ń jọba. Olórí tó bá rí i pé òun nìkan ló kù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀kalẹ̀.

Iṣẹ́ ìdìbò yìí ni `etcd` ń ṣe lórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. `Patroni` ló ń wo èsì ìbò tó sì ń gbé igbákejì gorí oyè. Bí ẹ kò bá yí ìlànà rẹ̀ padà, àṣẹ olórí máa ń parí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 tí kò bá tún un gbà, nítorí náà ẹ kọ "nǹkan bí ìṣẹ́jú kan" sínú lẹ́tà. Ẹ má kọ "lójú ẹsẹ̀". Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, áàpù yín yóò máa gba àṣìṣe, bí wọn kò bá sì kọ ọ́ láti tún ara rẹ̀ so, ìṣẹ́jú kan yẹn á di wákàtí kan.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi àpẹẹrẹ hàn, ẹ mẹ́nu kan ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitHub ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2018. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láàárín ibùdó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn àti ibùdó détà wọn ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré. Ẹ̀rọ tó ń yan olórí gbé oyè lọ fún àwọn sáfà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí àkọsílẹ̀ kan tí kò tíì dé ìwọ̀-oòrùn wà ní ìlà-oòrùn. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fi tún un ṣe. MySQL ni wọ́n ń lò, kì í ṣe PostgreSQL, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò yàtọ̀: ẹ má fi igbákejì tó wà lọ́nà jíjìn sí ipò ẹni tí yóò gbadé fúnra rẹ̀. Ìlú kan náà ni olórí àti igbákejì tiwa wà, nínú ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iná pẹ̀lú. Mo ti rí agbo sáfà mẹ́ta tí wọ́n tò sínú yàrá kan, lórí ínfátà kan, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ kan. Ọjọ́ tí ínfátà yẹn jóná, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sùn ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ìpinnu tó jẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún wọn

Ìpinnu kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kì í ṣe ti ẹnjiníà. Nígbà tí oníbàárà bá san owó, ṣé kí olórí dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, àbí kó kọ́kọ́ dúró títí igbákejì yóò fi sọ pé òun náà ti kọ ọ́ sílẹ̀? Bí kò bá dúró, ó yára, ṣùgbọ́n bí olórí bá kú ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, ìsanwó bíi mélòó kan lè sọnù. Bó bá dúró, kò sí ohun tí a ti dáhùn tí yóò sọnù, ṣùgbọ́n gbogbo ìsanwó yóò fi díẹ̀ pẹ́ sí i.

Ẹ̀gún kan wà nínú dídúró yìí tó yẹ kí ẹ sọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín tò ó sínú `synchronous_standby_names`, tí igbákejì kan ṣoṣo tí ẹ ní bá kú, olórí yóò máa dúró de ẹni tí kò ní dáhùn mọ́, gbogbo ìsanwó á sì dì. Ẹ ó rí i pé sáfà wà láàyè, kò ṣàìsàn, síbẹ̀ kò sí ohun tó ń wọlé. Bí ẹ bá lo `synchronous_mode` ti Patroni, yóò dá ìdúró yẹn dúró fúnra rẹ̀ títí igbákejì yóò fi padà, àyàfi tí ẹ bá tan `synchronous_mode_strict`. Nínú lẹ́tà, mo bèèrè rẹ̀ báyìí: "Bí ó bá di dandan kí a yan ọ̀kan, ṣé kí iṣẹ́ dúró díẹ̀ ni, àbí kí ìsanwó díẹ̀ sọnù?" Ọ̀gá Àgbà dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni à ń tọ́jú, ó ní kí iṣẹ́ dúró. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ìbéèrè yẹn ṣe jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ni mò ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mi.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ ohun tí agbo kò lè ṣe

Igbákejì ń ṣe ohun gbogbo tí olórí bá ṣe, àti àṣìṣe. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá tẹ `DELETE` láì fi `WHERE` sí i, kí ó tó mí èémí kejì, igbákejì ti pa tirẹ̀ rẹ́. Agbo kì í ṣe bákọ́ọ̀pù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2017 ni mo fi ṣàlàyé èyí fún wọn, nítorí àwọn fúnra wọn ló gbé e síta. Igbákejì wọn ti gbẹ̀yìn jù, ẹnjiníà kan ń gbìyànjú láti tún un ṣe, ó sì pa fóldà détà rẹ́ lórí sáfà tó rò pé igbákejì ni. Olórí ni. Nǹkan bíi gígábáìtì 300 lọ. Wọ́n wá bákọ́ọ̀pù lọ, wọ́n bá a pé `pg_dump` tí ń ṣe é jẹ́ ti PostgreSQL 9.2 nígbà tí dátábéèsì jẹ́ 9.6, nítorí náà kò ti ṣe ohunkóhun. Ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà kan tí ẹnjiníà náà ti kọ́kọ́ ṣe ní wákàtí 6 ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn, ló yọ wọ́n. Wákàtí 6 àkọsílẹ̀ sì lọ.

Nítorí náà, ₦60,000 nínú ₦550,000 tí mo bèèrè jẹ́ ti ibi ìpamọ́ tó wà lọ́tọ̀, níbi tí a ó ti máa kó ìwé WAL pamọ́ bó ṣe ń jáde. Bí `archive_timeout` bá jẹ́ 60, kò sí bí ohun tí yóò sọnù yóò ṣe ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ, a sì lè dá dátábéèsì padà sí ìṣẹ́jú tó ṣáájú àṣìṣe náà gan-an. Ẹ ṣọ́ra o: WAL kò ṣeé gùn lé bákọ́ọ̀pù `pg_dump`. `pg_basebackup` ni ẹ ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mo dán èyí náà wò, ó gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10, nítorí ó ń kó atọ́ka bó ṣe wà, kò ní láti tún un kọ́.

Wákàtí méjì ṣì ju wákàtí kan tí àdéhùn sọ lọ. Mo kọ ìyẹn náà sí i, ẹ ó rí i nísàlẹ̀.

Lẹ́tà náà

Ọ̀nà lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ̀ ni mo tẹ̀ lé. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi.

> Ẹ̀ka Ìmọ̀-ẹ̀rọ
>
> Sí Ọ̀gá Àgbà àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ alákòóso,
>
> ÌBÉÈRÈ FÚN ₦550,000 LÓṢOOṢÙ LÁTI GBÉ DÁTÁBÉÈSÌ WA KÚRÒ LÓRÍ SÁFÀ KAN ṢOṢO
>
> Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bèèrè pé kí ẹ fọwọ́ sí owó tí mo kọ sókè yìí, kí a lè mú ìlérí tó wà nínú àdéhùn tuntun tí ẹ fẹ́ bá àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ṣẹ. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ padà láàárín wákàtí kan bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kí àkọsílẹ̀ tí yóò sọnù má sì ju ti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.
>
> A dán tiwa wò lóṣù yìí. Bí sáfà wa bá kú lónìí, wákàtí 9 ni yóò gbà kó tó padà, gbogbo ohun tó wọlé láti aago méjì òru ni yóò sì sọnù. Bó bá ṣẹlẹ̀ ní aago 11 òwúrọ̀, yóò ná wa ní ₦1,740,000 ó pọ̀ jù. Sáfà náà kò tíì kú rí, n kò sì lè sọ pé yóò kú lọ́dún yìí. Ohun tí mo lè sọ ni pé a kò lè fọwọ́ sí àdéhùn náà ní òtítọ́ bí a ṣe wà yìí.
>
> Owó náà yóò lọ báyìí lóṣooṣù: sáfà kejì tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ₦450,000, ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa jẹ́ ẹlẹ́rìí láàárín wọn, ₦40,000, ibi ìpamọ́ tó wà lọ́tọ̀, ₦60,000. A kò ní gba òṣìṣẹ́ tuntun. Ènìyàn méjì nínú wa yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe é, iṣẹ́ ojú ewé ìròyìn tuntun yóò sì dúró títí a ó fi parí.
>
> Lẹ́yìn èyí, bí ẹ̀rọ kan bá kú, iṣẹ́ yóò padà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi àṣìṣe pa détà rẹ́, agbo yìí kò ní gbà wá. Ibi ìpamọ́ ni a ó ti dá a padà, ó sì gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 nígbà tí a dán an wò. Nítorí náà mo bẹ̀ yín kí agbẹjọ́rò wa kọ ọ́ kedere sínú àdéhùn pé wákàtí kan yẹn wà fún ẹ̀rọ tó bàjẹ́.
>
> Ìbéèrè kan wà tí mo nílò ìdáhùn yín sí: bí ó bá di dandan, ṣé kí ìsanwó dúró díẹ̀ ni, àbí kí ìwọ̀nba díẹ̀ sọnù?
>
> Mo bèèrè fún ìdáhùn yín kí ọjọ́ ìbuwọ́lùwé tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ yìí, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni ìdánwò.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
>
> Olórí Ẹnjiníà

Ohun tí wọn yóò bi yín nínú ìpàdé

"Ṣé a kò kúkú lè ra sáfà kan tó tóbi jù?" Ó lè yára jù, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni. Èyí rọrùn.

"Kí ló dé tí a kò gbé e fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ń bá ènìyàn tọ́jú dátábéèsì?" Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìbéèrè yìí, ó lè jẹ́ òun ló dára jù fún yín bí ẹnjiníà yín kò bá ju méjì lọ. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé dọ́là ni wọn yóò fi gba owó, náírà la fi ń pa á, àti pé iye tí mo bá kọ sílẹ̀ lóṣù yìí lè má rí bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo mú iye tiwọn wá sínú ìpàdé náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Ṣé sáfà kejì yóò kàn jókòó lásán ni?" Ìdẹkùn wà níbí. Ó dùn láti sọ pé àwọn ìròyìn òpin oṣù yóò máa ti ara igbákejì jáde, òótọ́ sì ni, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi iṣẹ́ kún un títí àwọn méjèèjì fi ń lo ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára wọn, ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, èyí tó kù kò ní lè gbé ẹrù méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ àìṣiṣẹ́, bíi táyà tó wà ní búùtù ọkọ̀.

"Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?" Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Mo ṣèlérí ìdánwò kan ní ìdá mẹ́rin ọdún kọ̀ọ̀kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá yóò wà níbẹ̀: a ó pa iná olórí, a ó sì ka ìṣẹ́jú. Lójoojúmọ́, èyí la fi ń wò ó lórí olórí:

```sql
SELECT application_name, state, sync_state, replay_lag
FROM pg_stat_replication;
```

Bí kò bá mú ìlà kankan jáde, igbákejì ti lọ, sáfà kan ṣoṣo lẹ sì ní láì mọ̀. Bí `state` kì í bá ṣe `streaming`, ó ń sáré lé olórí tàbí ó ti há. Bí `replay_lag` bá ń ga sí i láti wákàtí dé wákàtí, dísíìkì igbákejì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ lọ wò. Kí ìkìlọ̀ rẹ̀ wọ fóònù ènìyàn méjì, kì í ṣe ímeèlì.

Bí wọ́n bá fún yín ní ìdajì

Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà. Ibi ìpamọ́ WAL ni àkọ́kọ́. Pẹ̀lú ₦60,000 lóṣù, détà tí yóò sọnù ti kúrò ní wákàtí 9 sí nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, dídá dátábéèsì padà sì ti kúrò ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10, ká tó ra sáfà kankan. Bí kò bá sí àdéhùn kankan tó ń tì yín lẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbákejì. Bí wọ́n bá fún yín ní igbákejì láì fún yín ní ẹlẹ́rìí, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó máa gbadé fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn ni yóò gbé e gorí oyè, lẹ́yìn tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé olórí ti kú pátápátá tí wọ́n sì ti yọ wáyà rẹ̀. Ìyẹn yóò gba ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, ó lè gba wákàtí kan lóru bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá sùn fọnfọn. Ẹ kọ iye náà sínú ìwé tí ẹ fi gba owó náà, kí ₦40,000 ti ẹlẹ́rìí lè ní ohun tí wọn yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.